Bí ẹ ṣe máa kọ ímeèlì sí gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà tí wákàtí iṣẹ́ àti òfin ófátáìmù bá yí padà

Tí ilé iṣẹ́ bá yí wákàtí iṣẹ́ padà, ohun mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ tó ṣí ímeèlì yẹn lórí fóònù ẹ̀ fẹ́ mọ̀: aago mélòó ni mo máa dé, aago mélòó ni mo máa lọ, ṣé owó tó ń wọlé fún mi máa dín kù. Ọ̀pọ̀ ímeèlì ló máa ń dáhùn méjì àkọ́kọ́ dáadáa, wọ́n á wá fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún olúkúlùkù láti máa méfò. Ẹ̀kẹta yẹn gan-an ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yí òfin ófátáìmù padà, tẹ́lẹ̀ ojoojúmọ́ la fi ń kà á, òfin tuntun wá ní ọ̀sẹ̀ la ó máa fi kà á, mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ófátáìmù yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 40 lọ́sẹ̀", ó yé mi, ó yé ọ̀gá mi, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí owó oṣù jáde, obìnrin kan láti ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí wá bá mi, ó mú ìwé pélébé kan dání tó fi ń kọ wákàtí ẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí Túsìdè tó dúró títí di aago 7 alẹ́, ó ní "Màámi, ófátáìmù tèmi dà?" Mo wo ìwé ẹ̀, mo rí i pé ó tètè lọ ilé ní Fúráìdè ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo wákàtí ẹ̀ wá jẹ́ 40 géérégé, ófátáìmù ò sí. Kò sí irọ́ kankan nínú ímeèlì tí mo kọ, ṣùgbọ́n kò síbì kankan nínú ẹ̀ tó ti lè mọ̀ pé Fúráìdè á jẹ Túsìdè. Ká ní ó mọ̀ ni, ó lè pinnu pé òun ò ní dúró ní Túsìdè yẹn, tàbí pé òun ò ní tètè lọ ní Fúráìdè.

Látìgbà yẹn, ohun tí mo fi ń wọn irú ímeèlì báyìí ni pé ṣé ẹni tó bá kà á lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣírò ọ̀sẹ̀ ẹ̀ kó sì bọ́ síbi tí àwọn tó ń san owó oṣù máa bọ́ sí. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má tíì kọ nǹkan kan, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń ṣírò owó oṣù

Ìwé òfin tí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí kì í sọ gbogbo nǹkan. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù ló mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ka wákàtí, torí náà òun lẹ máa bi, kì í ṣe ọ̀gá tó kọ òfin. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń gbé lọ bá a.

Àkọ́kọ́, ọjọ́ wo ni ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ lẹ fi ń ka ófátáìmù, ibi tí ọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló máa pinnu iye wákàtí tó bọ́ sínú ẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó wọlé aago 10 alẹ́ Sọ́ńdè tó jáde aago 6 àárọ̀ Mọ́ńdè. Tí ọ̀sẹ̀ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 òru Mọ́ńdè, ṣé wákàtí 2 lọ sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí 6 wọ inú ọ̀sẹ̀ tuntun, àbí gbogbo ṣíífù náà ń tẹ̀ lé ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀? Méjèèjì ló wà níbi iṣẹ́ káàkiri, ẹ̀yin ṣáà sọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Ìkejì, ṣé bíréèkì wà lára wákàtí iṣẹ́ àbí wọ́n ń yọ ọ́ kúrò? Ìkẹta, tí ọlidé bá bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀, tàbí tí èèyàn bá gba lífù ọjọ́ kan, ṣé wọ́n máa ka ọjọ́ yẹn mọ́ 40? Èyí ló máa ń dun àwọn èèyàn jù lọ, mo máa padà sí i. Ìkẹrin, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ti ìwé wákàtí pa kí owó tó jáde, kí ẹ lè mọ owó oṣù tí òfin tuntun máa kọ́kọ́ hàn nínú ẹ̀.

Tí ẹni yẹn bá ní "mi ò tíì mọ̀" sí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ pinnu ẹ̀ kí ímeèlì tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ọjọ́ tó bá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mu

Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn kí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù. Ká sọ pé wọ́n ní 1 Júláì 2026. Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò, Wẹ́sìdè ló jẹ́. Ó túmọ̀ sí pé Mọ́ńdè àti Túsìdè máa wà lábẹ́ òfin àtijọ́ tó ń ka ojoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta yòókù á wà lábẹ́ òfin tuntun tó ń ka ọ̀sẹ̀, kò wá sí ẹni tó máa lè sọ bí wákàtí 40 ṣe máa pé nínú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un sí Mọ́ńdè, 6 Júláì. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì ní kedere pé ní ti ófátáìmù, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn títí dé Sọ́ńdè, 5 Júláì ṣì wà lábẹ́ òfin àtijọ́.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ti ṣe ófátáìmù sílẹ̀ tí wọn ò tíì gbowó ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí, pé èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 6 Júláì, bí òfin àtijọ́ la ṣe máa san án. Tí gbólóhùn yẹn ò bá sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa rò ni pé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ ẹnì kan, àtijọ́ àti tuntun

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tò ó pọ̀ pátápátá.

Tẹ́lẹ̀, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, bíréèkì wákàtí 1 tí wọn ò kà mọ́ ọn. Ìyẹn wákàtí 8 lójúmọ́, 40 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá kọjá aago 5 ti bọ́ sínú ófátáìmù nìyẹn.

Ní báyìí, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdè, aago 8 àárọ̀ sí 5:30 ìrọ̀lẹ́, bíréèkì wákàtí 1, ìyẹn wákàtí 8 àbọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 34. Fúráìdè, aago 8 àárọ̀ sí 2:30 ọ̀sán, bíréèkì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí 6. Ẹ pa á pọ̀, 40 náà ni. Ófátáìmù wá di ohun tó kọjá 40 lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń san wákàtí kan bíi wákàtí kan àbọ̀.

Ọ̀gá tó bá wo èyí á ní nǹkan kan ò yí padà, 40 sí 40. Òṣìṣẹ́ tó bá wò ó lójú tiẹ̀ á rí i pé ààbọ̀ wákàtí láàárín aago 5 sí 5:30, tó jẹ́ ófátáìmù tẹ́lẹ̀, ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ báyìí, ó sì máa fẹ́ mọ ohun tó gbà dípò ẹ̀. Ohun tó gbà dípò ẹ̀ ni pé Fúráìdè máa tètè tán. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi méjèèjì sínú gbólóhùn kan náà. Ẹ má ṣe sọ ti Fúráìdè nìkan bíi pé ẹ̀bùn ni, wọ́n máa rí ìyókù náà ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́, inú á sì bí wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wá mú obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kó dúró títí di aago 7 alẹ́ ní Túsìdè. Lábẹ́ òfin àtijọ́, láti aago 5 sí aago 7, ófátáìmù wákàtí 2, ohunkóhun tó bá ṣe ní Fúráìdè ò kàn án. Lábẹ́ òfin tuntun, Túsìdè ẹ̀ jẹ́ wákàtí 10. Tó bá ṣiṣẹ́ Fúráìdè pé, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 41 àbọ̀, ófátáìmù wákàtí 1 àbọ̀. Tó bá wá gba àyè lọ ilé ní 12:30 Fúráìdè láìsinmi bíréèkì, Fúráìdè ẹ̀ di wákàtí 4 àbọ̀, àpapọ̀ padà sí 40, ófátáìmù ò sí.

Nínú ọ̀sẹ̀ mìíràn kó dúró títí di aago 7 ní Túsìdè àti Tọ́sìdè, kó sì ṣe Fúráìdè pé: 8.5, 10, 8.5, 10, 6, àpapọ̀ 43. Ófátáìmù wákàtí 3, wọ́n máa san án bíi wákàtí 4 àbọ̀. Mo máa ń fi wákàtí ṣe àpẹẹrẹ, mi ò kì í fi owó ṣe é, torí owó kálukú yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá sì kọ iye kan síbẹ̀ gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ẹni tó ń gba iye yẹn.

Ó ku ti ọlidé. Ká sọ pé ọlidé bọ́ sí Wẹ́sìdè, obìnrin wa sì dúró títí di aago 7 ní Túsìdè. Ohun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ni 8.5, 10, 8.5, 6, ìyẹn 33. Tí wọ́n bá ń ka ọlidé mọ́ ọn bíi wákàtí 8 àbọ̀, ó di 41 àbọ̀, ófátáìmù wà. Tí wọn ò bá kà á, kò sí ófátáìmù rárá lọ́sẹ̀ yẹn, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ rí i pé gbólóhùn kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, gbólóhùn yẹn sì ló sábà máa ń sọnù nínú ímeèlì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wò ó bóyá òfin ìjọba àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ gbà fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ ká wò níbí. Ọ̀kan ni pé tí wákàtí iṣẹ́ bá wà nínú ìwé tẹ́ ẹ fi gba èèyàn síṣẹ́, ímeèlì nìkan lè má tó láti yí i padà, ó lè jẹ́ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà tuntun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Èkejì ni gbólóhùn tí gbogbo ọ̀gá fẹ́ràn: "ófátáìmù tí a kò fọwọ́ sí, a kò ní san án." Ẹ ṣọ́ra fún un gan-an. Ní orílẹ̀-èdè bíi Amẹ́ríkà, tí òfin tó de ófátáìmù bá kan òṣìṣẹ́ náà, tí ilé iṣẹ́ sì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ tí wọn ò dá a dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ san wákàtí yẹn bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fọwọ́ sí i ṣáájú. Wọ́n lè bá a wí lọ́tọ̀, wọn ò lè di owó ẹ̀ mú. Iye tí wọ́n ń san náà ní ìsàlẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àdéhùn tí ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ní 1919 fún àwọn ilé iṣẹ́ bíi fáktìrì àti ibi ìwakùsà, àti èyí tí wọ́n ṣe ní 1930 fún ọ́fíìsì àti ìsọ̀, fi wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n, wọ́n sì ní ófátáìmù ò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po 1.25 owó wákàtí lásán. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ló dè, òfin orílẹ̀-èdè yín sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà èyí tí ìjọba yín kọ ni kí ẹ fi wé tiyín. Èmi máa ń kọ ọ́ báyìí: "ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ máníjà yín kí ẹ tó dúró", mo sì máa ń parí ẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá kọ ọ́

Àkọlé kọ́kọ́. "Ìkéde pàtàkì" ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọjọ́ àti ohun tó yí padà síbẹ̀, kí ẹni tó ń wá a lóṣù méjì sí i lè rí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó yí padà, ẹ fi ìdí tí wọ́n fi yí i padà sí ìsàlẹ̀, gbólóhùn kan tó. Mo ti rí ímeèlì tó jẹ́ pé ìdúpẹ́ àti ìtàn ilé iṣẹ́ ló kún ojú fóònù, wákàtí tuntun wà ní ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fà dé. Èyí tí mo lè kọ fún àpẹẹrẹ wa nìyí:

> Àkọlé: Wákàtí iṣẹ́ àti ófátáìmù tuntun láti Mọ́ńdè, 6 Júláì 2026
>
> Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa,
>
> Láti Mọ́ńdè, 6 Júláì 2026, a ó máa ṣiṣẹ́ báyìí:
>
> Mọ́ńdè sí Tọ́sìdè: aago 8:00 àárọ̀ sí 5:30 ìrọ̀lẹ́, bíréèkì wákàtí 1.
> Fúráìdè: aago 8:00 àárọ̀ sí 2:30 ọ̀sán, bíréèkì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
>
> Ọjọ́ mẹ́rin máa fi ààbọ̀ wákàtí gùn sí i, Fúráìdè á sì tètè tán. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìka bíréèkì. Owó oṣù yín ò yí padà.
>
> Ófátáìmù: tẹ́lẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago 5 lójoojúmọ́. Ní báyìí, ó máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti ṣe ju wákàtí 40 lọ láàárín Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè. Wákàtí ófátáìmù kan jẹ́ owó wákàtí kan àbọ̀, bíi ti tẹ́lẹ̀.
>
> Àpẹẹrẹ: tí ẹ bá dúró títí di aago 7 alẹ́ Túsìdè tí ẹ sì ṣe ọjọ́ yòókù pé, wákàtí yín jẹ́ 41 àbọ̀, ófátáìmù yín jẹ́ wákàtí 1 àbọ̀. Tí ẹ bá lọ ilé ní 12:30 Fúráìdè yẹn láìgba bíréèkì, wákàtí yín jẹ́ 40, ófátáìmù ò sí.
>
> A máa ka ọlidé mọ́ 40. A ò ní ka lífù mọ́ ọn.
>
> Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ máníjà yín kí ẹ tó dúró. Ófátáìmù tí ẹ ti ṣe títí di Sọ́ńdè, 5 Júláì, òfin àtijọ́ la ó fi san án.
>
> Ìyípadà yìí ò kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ṣíífù alẹ́. Wákàtí àti ófátáìmù tiyín wà bó ṣe wà.
>
> A yí i padà kí gbogbo ẹ̀ka lè máa parí iṣẹ́ papọ̀ ní Fúráìdè. Gbogbo òfin náà wà nínú PDF tó wà pẹ̀lú ímeèlì yìí. Tí àkókò tuntun bá máa ni yín lára nítorí ọmọ tí ẹ ń lọ mú nílé ìwé tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ kọ sí wa kó tó di 26 Júùnù.

Ẹ wo ìlà tó kan ṣíífù alẹ́ yẹn. Ẹni tí nǹkan ò kàn máa bẹ̀rù ju ẹni tó kàn lọ tẹ́ ẹ bá dákẹ́ nípa ẹ̀. Ẹ sì wo èyí tó parí ẹ̀, ìyá tó máa ń lọ mú ọmọ ẹ̀ ní 5:15 ò lè dúró títí di 5:30, ó dáa kó sọ fún yín ní Júùnù ju kó máa sá jáde ní Júláì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò, kí ẹ wá fi ránṣẹ́

Mo máa ń fún ẹnì kan tí kò sí nípàdé níbi tí wọ́n ti ṣe òfin yẹn, màá ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan, màá wá bi í: "Tó o bá dúró títí di aago 6 ní Mọ́ńdè àti Wẹ́sìdè, tó o sì ṣe ọjọ́ yòókù pé, ófátáìmù mélòó?" Ìdáhùn ẹ̀ ni wákàtí 1, torí ààbọ̀ wákàtí ló fi kọjá 5:30 nígbà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní wákàtí 2, a jẹ́ pé aago 5 ló ṣì ń kà láti, ímeèlì ò tíì sọ ọ́ yé e nìyẹn, kí ẹ padà lọ tún un kọ. Ẹ má ṣàlàyé fún un lẹ́nu, torí ẹ ò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún àwọn tó kù.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn máníjà lọ́jọ́ kan ṣáájú. Òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ bi máníjà ẹ̀, tí máníjà bá ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni, ọkàn kò ní balẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá wá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, ẹ fi àdírẹ́sì wọn sí Bcc, kí ìbéèrè ẹnì kan nípa owó ẹ̀ má bàa di ohun tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń kà torí ó tẹ Reply All. Ẹ yẹra fún Fúráìdè ìrọ̀lẹ́, kò ní sí ẹni tó máa dá wọn lóhùn títí di Mọ́ńdè. Àwọn tí kì í ṣí ímeèlì, bíi dírẹ́bà àti àwọn tó ń tọ́jú àyíká, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún wọn, kí máníjà wọn sì kà á sí wọn létí.

Tí àṣìṣe bá wà nínú ẹ̀, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ tí àkọlé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ÀTÚNṢE", ẹ sọ ìlà tó yí padà gan-an. Ẹ má kàn lọ pààrọ̀ PDF yẹn ní ìdákẹ́jẹ́, ẹni tó ti tọ́jú ti tẹ́lẹ̀ máa gbé e jáde lọ́jọ́ tí owó bá di àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn náà, kí owó àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun tó jáde, ẹ gba ìwé wákàtí òṣìṣẹ́ mẹ́ta: ẹni tó dúró pẹ́, ẹni tó gba lífù, àti ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ọlidé wà. Tí ọlidé ò bá sí nínú oṣù yẹn, ẹ fi ọ̀kan ṣe àròsọ kí ẹ lè dán kọ̀ǹpútà wò. Ẹ fi ọwọ́ ṣírò ẹ̀ bí ímeèlì ṣe sọ, ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ẹ dá owó yẹn dúró títí ẹ ó fi mọ èyí tó ṣì í.